Ìwé-ẹ̀rí SSL Wà Níbẹ̀, Àgádágodo Kò Yọjú: Ìrírí Mi Lórí Ìkànnì Aláàdìrẹ Kan

Láti oṣù Keje ọdún 2018, nígbà tí Chrome ẹ̀dà 68 jáde, ni búráúsà yẹn ti ń kọ `Not secure` sẹ́gbẹ̀ẹ́ àdírẹ́sì ìkànnì yòówù tó bá ṣì ń lo `http` lásán. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ni ìkànnì kékeré ni kò mọ̀ pé àmì yìí wà lórí tiwọn, torí wọn kì í ṣí i bí àlejò ṣe ń ṣí i. Bó ṣe rí fún ìyá aláàdìrẹ kan ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta, tí mò ń bá tọ́jú ìkànnì rẹ̀ nìyẹn. Oníbàárà kan láti Lọ́ńdọ̀nù ló ya fọ́tò ojú fóònù rẹ̀ ránṣẹ́ sí i. Oníbàárà náà ti mú aṣọ tó wù ú, ó ku kó kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ilé rẹ̀, ló bá rí ọ̀rọ̀ yẹn lókè, ló bá jáwọ́.

“Bọ̀dá, ṣé àwọn ọmọ Yàhúù ti wọ inú rẹ̀ ni?” ni ìyá bi mí.

“Rárá o, Màmá. Ẹnì kankan ò wọ ibẹ̀. Ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ ń gbà láti orí fóònù àwọn oníbàárà yín dé orí ìkànnì ni kò ní ààbò.”

Màmá kì í gba ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Wọ́n ní kí n fi hàn àwọn. Mo ṣí akáǹtì kan fún ìdánwò lórí ìkànnì náà, mo fún un ní páásíwọ́ọ̀dù tí kò sí níbòmíràn, mo wá so fóònù wọn mọ́ hótísípọ́ọ̀tì kọ̀ǹpútà mi, kí gbogbo ohun tí fóònù náà bá ń fi ránṣẹ́ lè gba ọ̀dọ̀ mi kọjá. Lẹ́yìn náà ni mo tẹ àṣẹ yìí:

```
sudo tcpdump -A -i any 'tcp port 80'
```

Mo ní kí wọ́n fi akáǹtì ìdánwò yẹn wọlé sí ìkànnì wọn láti orí fóònù. Bí wọ́n ṣe tẹ bọ́tìnnì, ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí lójú kọ̀ǹpútà mi, ìlà kan sì wà láàárín rẹ̀ tó rí báyìí:

```
log=idanwo&pwd=elu4321&wp-submit=Log+In
```

Orúkọ nìyẹn, páásíwọ́ọ̀dù nìyẹn, gedegbe, kò sí ohun tó bò ó. Màmá wò ó títí, wọ́n ní, “Ẹ̀yin náà ń rí i?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, àti pé èmi nìkan kọ́ ló lè rí i. Ẹni tó ni Wáífáì ilé ìtura tí oníbàárà dé sí lè rí i. Ilé-iṣẹ́ tó ń ta dátà fún un lè rí i, bákan náà ni gbogbo ẹ̀rọ tí ọ̀rọ̀ náà bá gbà kọjá lọ́nà. Kì í ṣe pé wọ́n lè rí i nìkan, wọ́n tún lè yí i padà: wọ́n lè ti ìpolówó bọ inú ojú ewé ẹni, tàbí kí wọ́n pààrọ̀ nọ́ńbà akáǹtì báńkì tí a kọ síbẹ̀ kó tó dé ojú ẹni tó fẹ́ sanwó. Ọ̀rọ̀ nọ́ńbà akáǹtì yìí ló ká Màmá lára ju gbogbo rẹ̀ lọ, torí ojú ewé kan wà lórí ìkànnì wọn tí nọ́ńbà báńkì wọn wà.

Àwọn kan á ní ṣebí ojú ewé ìwọlé nìkan ló yẹ kí a dáàbò bò. Èrò yẹn ló gbòde nígbà kan, ọdún 2010 ló sì fọ́. Nígbà tí ẹnì kan bá wọlé tán, sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí ìkànnì wà lórí rẹ̀, a máa fún búráúsà rẹ̀ ní kúkì kan, kúkì yẹn ni búráúsà á sì máa fi hàn lórí gbogbo ojú ewé tó bá ṣí lẹ́yìn náà, kó má bàa di pé ó ń tẹ páásíwọ́ọ̀dù ní gbogbo ìgbà. Bí ojú ewé ìwọlé bá wà lábẹ́ ààbò tí àwọn yòókù kò sì sí, kúkì náà ń rìn ní ìhòòhò. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2010, Firesheep jáde, àfikún kékeré kan fún Firefox tó ń kó irú kúkì bẹ́ẹ̀ lórí Wáífáì tí kò ní páásíwọ́ọ̀dù, tó sì ń jẹ́ kí ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa kọ̀ǹpútà wọ akáǹtì ẹlòmíràn pẹ̀lú títẹ bọ́tìnnì kan péré. Látìgbà yẹn ni àwọn ìkànnì ńlá ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé gbogbo ojú ewé wọn bọ́ sábẹ́ `https`, ọ̀nà tó ní ààbò. Torí náà, mi ò kí ń fi ojú ewé kan sílẹ̀, títí kan èyí tí kò ju àwòrán aṣọ lọ.

Ìwé-ẹ̀rí SSL ni sáfà fi ń ṣe èyí. Fáìlì kékeré ni. Orúkọ ìkànnì wà nínú rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ ìta gbangba kan wà níbẹ̀, ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó máa parí wà níbẹ̀, àti ìbuwọ́lù ilé-iṣẹ́ tó fún ni. Kọ́kọ́rọ́ kejì, ti ìkọ̀kọ̀, kì í jáde lórí sáfà. Bí búráúsà bá kan sí sáfà, sáfà á fi ìwé-ẹ̀rí hàn án, á sì fi kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ ṣe ohun tí ẹlòmíràn kò lè ṣe, kó lè dájú pé òun ló ni ìwé náà. Búráúsà á wò ó bóyá ilé-iṣẹ́ tó buwọ́ lù ú wà nínú àwọn tí òun gbà gbọ́, bóyá orúkọ bá ti inú àdírẹ́sì mu, bóyá ọjọ́ kò tíì kọjá. Bí gbogbo rẹ̀ bá ṣe déédéé, àwọn méjèèjì á jọ ṣe kọ́kọ́rọ́ tuntun kan tí wọ́n á fi sọ ọ̀rọ̀ àárín wọn di àdììtú. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ lónìí gan-an ni TLS, tó rọ́pò SSL láti ọdún 1999, ṣùgbọ́n orúkọ àtijọ́ ṣì ni gbogbo ènìyàn ń pè é.

Nígbà tí mo sọ fún ilé-iṣẹ́ kan tó ń ta ìwé-ẹ̀rí pé a fẹ́ ọ̀kan, èyí tó wọ́n jù ni wọ́n kọ́kọ́ fi lọ̀ wá, irú èyí tí wọ́n ń pè ní EV. Wọ́n ní orúkọ ilé-iṣẹ́ Màmá á hàn ní àwọ̀ ewé lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdírẹ́sì. Ọ̀rọ̀ àná ni wọ́n ń sọ. Chrome ti mú orúkọ yẹn kúrò lójú láti ẹ̀dà 77 ní oṣù Kẹsàn-án 2019, Firefox sì tẹ̀ lé e ní oṣù Kẹwàá ọdún kan náà. Àdììtú tí ìwé-ẹ̀rí olówó ńlá ń ṣe kò yàtọ̀ sí ti ọ̀fẹ́. Ìyàtọ̀ tó wà ni bí wọ́n ṣe yẹ ìwé ilé-iṣẹ́ ẹni wò kí wọ́n tó fún un. Fún ẹni tó ń ta àdìrẹ, Let's Encrypt tó. Ọ̀fẹ́ ni, ó ti wà fún gbogbo ènìyàn láti oṣù Kejìlá ọdún 2015, ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ sì máa ń lo 90 ọjọ́.

Ibí yìí ni mo ti gbọ́dọ̀ sọ ohun tí Màmá kò fẹ́ gbọ́. Wọ́n rò pé bí àmì àgádágodo bá ti yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdírẹ́sì, àwọn oníbàárà á mọ̀ pé olóòótọ́ ni àwọn. Let's Encrypt kò mọ Màmá rí, kò sì mọ̀ bóyá aṣọ wà ní ṣọ́ọ̀bù wọn. Ohun kan ṣoṣo tó ń wò ni bóyá ẹni tó ń béèrè ìwé-ẹ̀rí ló ní àkóso lórí orúkọ ìkànnì náà. Onígbàjúẹ̀ tó ra orúkọ tó jọ ti báńkì lè gba ìwé-ẹ̀rí tirẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, àgádágodo á sì yọ lórí tirẹ̀ náà. Àgádágodo kò sọ ju pé ọ̀rọ̀ tí oníbàárà ń fi ránṣẹ́ ń dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ni orúkọ tó wà lókè, kò sì sí ẹni tó rí i lọ́nà. Ẹni tó bá ń wò ó lọ́nà lè mọ̀ pé oníbàárà náà lọ sí ìkànnì yìí, ṣùgbọ́n kò lè mọ aṣọ tó mú tàbí ohun tó kọ.

Ó wá ku iṣẹ́. Orí sáfà Ubuntu kékeré kan tí Apache ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ ni ìkànnì náà wà, WordPress ni wọ́n sì fi ṣe é. Kò tíì pẹ́ tí a gbé e kúrò lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ kan tó ń háyà àyè fún ni. N óò máa kọ `example.com` dípò orúkọ rẹ̀ gan-an. Ẹni tí ìkànnì tirẹ̀ bá wà lórí cPanel, ojú ìṣàkóso tí àwọn tó ń háyà àyè sábà ń fún ni, kò nílò àṣẹ tí mo fẹ́ kọ yìí: kó wá `SSL/TLS Status`, kó fi àmì sí orúkọ ìkànnì rẹ̀, kó tẹ `Run AutoSSL`, kó sì dúró díẹ̀. Àmọ́ ìdíwọ́ tó dé bá mi lè dé bá òun náà, torí náà kó má fò ó.

```
sudo snap install --classic certbot
sudo certbot --apache -d example.com -d www.example.com
```

Mo kọ orúkọ méjèèjì, èyí tó ní `www` àti èyí tí kò ní, torí lójú búráúsà, orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Bí ìwé-ẹ̀rí bá ní ọ̀kan tí kò ní èkejì, ẹni tó bá tẹ èkejì á rí ojú ewé pupa tó ń kọ `NET::ERR_CERT_COMMON_NAME_INVALID`, èyí sì burú ju `Not secure` lọ, torí ó ń lé àlejò padà lẹ́nu ọ̀nà.

Certbot, irinṣẹ́ tó ń bá ni gba ìwé-ẹ̀rí lọ́dọ̀ Let's Encrypt, kọ̀. Ó ní Let's Encrypt lọ wá fáìlì tí òun fi síbẹ̀, `404` ni wọ́n fi dá a lóhùn. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí ìyẹ̀wò náà ṣe ń lọ, torí ibẹ̀ ni ìtumọ̀ wà. Bí a bá béèrè ìwé-ẹ̀rí, Let's Encrypt á fún Certbot ní ọ̀rọ̀ kan tí ẹlòmíràn kò mọ̀. Certbot á fi ọ̀rọ̀ náà sí abẹ́ `/.well-known/acme-challenge/` lórí sáfà. Let's Encrypt á wá gba íńtánẹ́ẹ̀tì wá, gẹ́gẹ́ bí àlejò, á gba pọ́ọ̀tì 80, ẹnu ọ̀nà `http`, wọlé, á béèrè fáìlì yẹn ní orúkọ ìkànnì náà. Bó bá bá a níbẹ̀, ó dájú pé ẹni tó béèrè ló ní àkóso. Bí mo bá fi ọwọ́ ara mi ṣí ìkànnì náà lórí kọ̀ǹpútà mi, ó ń ṣí dáadáa. Kí ló dé tí Let's Encrypt kò fi rí fáìlì náà?

Mo lọ béèrè lọ́wọ́ DNS, àkójọ tó ń sọ sáfà tí orúkọ ìkànnì kọ̀ọ̀kan ń tọ́ka sí:

```
dig +short example.com A
dig +short example.com AAAA
```

Ìlà `A`, tó ń tọ́ka sí àdírẹ́sì IPv4, ti di ti sáfà tuntun. Ìlà `AAAA`, tó ń tọ́ka sí IPv6, ṣì wà lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ tí a ti kúrò. Nígbà tí wọ́n ń gbé ìkànnì náà, ìlà kan ni wọ́n yí, wọn ò rántí èkejì. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí mò ń lò ní Abẹ́òkúta kò ní IPv6, ìdí nìyẹn tí kò fi hàn sí mi, sáfà tuntun ló ń gbé mi lọ ní gbogbo ìgbà. Let's Encrypt ní tirẹ̀, bí `AAAA` bá wà, òun ló kọ́kọ́ ń gbìyànjú. Ó lọ kan ilẹ̀kùn ilé àtijọ́, wọ́n dá a lóhùn pé àwọn ò ní irú fáìlì bẹ́ẹ̀. Èyí túmọ̀ sí pé àwọn oníbàárà kan ní òkè òkun, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọn ní IPv6, ti lè máa bọ́ sí ibi òfìfo látìgbà tí a ti kó kúrò, láìsí ẹni tó mọ̀. Ká ní a kò béèrè ìwé-ẹ̀rí, bóyá à bá má mọ̀ títí di òní.

Mo pa ìlà `AAAA` yẹn rẹ́ níbi tí a ti ń ṣàkóso DNS, mo sì dúró kí iye àkókò tó wà lórí ìlà náà kọjá. Mi ò sáré tẹ àṣẹ náà léraléra. Let's Encrypt máa ń ka ìgbà tí ìyẹ̀wò bá kùnà: bó bá ti tó márùn-ún fún orúkọ kan láàárín wákàtí kan, á ní kí ẹni náà lọ dúró ná. Ohun tí mo ń ṣe dípò rẹ̀ ni pé mo ń fi ìdánwò tí kì í kà wò ó:

```
sudo certbot certonly --apache --dry-run -d example.com -d www.example.com
```

Nígbà tí ìyẹn gbà, mo tẹ àṣẹ tòótọ́, ìwé-ẹ̀rí sì wọlé. Mo ṣí `https://example.com` lórí Firefox. Ìkànnì ṣí. Àgádágodo wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àmì ìkìlọ̀ onígun mẹ́ta jókòó lé e lórí, àwọn àwòrán aṣọ tó máa ń yí lójú ewé àkọ́kọ́ sì dúró gbagidi.

Ìpele yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sú, tí wọ́n á ní ìwé-ẹ̀rí ọ̀fẹ́ kò dára, tí wọ́n á lọ ra tòwó. Ìwé-ẹ̀rí kò ní ẹ̀bi kankan níbẹ̀. Ojú ewé kan kì í dá wá. Ó máa ń ní kí búráúsà lọ kó àwòrán wá, kó lọ kó àwọn fáìlì tó ń mú nǹkan ṣiṣẹ́ wá, kó lọ kó irú lẹ́tà tí wọ́n fi kọ ọ́ wá. Bí a bá ti kọ àdírẹ́sì èyíkéyìí nínú wọn pẹ̀lú `http://`, ọ̀nà ìhòòhò ni nǹkan náà á gbà wọ inú ojú ewé tí a ní ó wà lábẹ́ ààbò. Búráúsà kò ní gbà kí irọ́ bẹ́ẹ̀ kọjá. Ó lè gba àwòrán láyè pẹ̀lú ìkìlọ̀, tàbí kó gbìyànjú láti bá wa yí i sí `https` fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n fáìlì JavaScript ní tirẹ̀, á dá a dúró pátápátá, torí ẹni tó bá yí fáìlì bẹ́ẹ̀ padà lọ́nà lè fi gba gbogbo ojú ewé náà.

Kò sí ìdí láti máa méfò. Mo tẹ F12 lórí kọ̀ǹpútà, mo ṣí `Console`, mo sì tún ojú ewé náà ṣí. Níbi tí ọ̀rọ̀ `Mixed Content` bá ti wà nínú Chrome, àdírẹ́sì tó ń fa wàhálà wà nínú ìlà náà gan-an. Orísun mẹ́ta ni mo bá, ìtọ́jú wọn kò sì jọra.

Èyí tó pọ̀ jù ni àwọn àwòrán tí Màmá àti ọmọ wọn ti ń gbé sórí ìkànnì látọjọ́ yìí wá. WordPress máa ń kọ àdírẹ́sì kíkún sínú àkójọ dátà rẹ̀, `http` ni gbogbo wọn sì jẹ́ nígbà náà. Mo kọ́kọ́ yí àdírẹ́sì méjèèjì tó wà ní `Settings`, `General` sí `https`, mo ṣe ẹ̀dà àkójọ náà pamọ́, mo wá lo irinṣẹ́ WordPress tí wọ́n ń tẹ̀ láti ojú àṣẹ:

```
wp search-replace 'http://example.com' 'https://example.com' --skip-columns=guid --dry-run
```

`--dry-run` kì í yí nǹkan kan, ó kàn ń sọ iye ibi tí òun máa yí. Nígbà tí mo rí i pé kò sí ohun àjèjì níbẹ̀, mo yọ ọ́ kúrò, mo tún un tẹ̀. Mi ò gbà kí ènìyàn ṣí àkójọ náà kó máa fi ọwọ́ yí ọ̀rọ̀ padà nínú rẹ̀. WordPress máa ń kọ iye lẹ́tà mọ́ àwọn ètò kan níbẹ̀, `https` sì fi lẹ́tà kan ju `http` lọ. Bí iye yẹn kò bá bá ọ̀rọ̀ mu mọ́, ètò náà á pòórá. Irinṣẹ́ yìí mọ bó ṣe ń tún iye náà kà.

Èkejì ni àmì ìdánimọ̀ ṣọ́ọ̀bù tó wà lókè ojú ewé. Ẹni tó kọ́kọ́ ṣe ìkànnì náà fi ọwọ́ kọ àdírẹ́sì rẹ̀ sínú fáìlì tíìmù, níbi tí irinṣẹ́ àkójọ kò lè dé. Mo wá a rí níbẹ̀, mo yí i. Ìkẹta ni fáìlì tó ń mú àwòrán yí, ìkànnì mìíràn ni wọ́n sì ti ń yá a lò. Ìkànnì yẹn kò ní `https` rárá, nítorí náà yíyí àdírẹ́sì padà kò lè ràn wá lọ́wọ́. Mo gbé ẹ̀dà fáìlì náà wá sórí sáfà tiwa. Bí mo ṣe ṣe èyí tán ni àwọn àwòrán tún bẹ̀rẹ̀ sí í yí, tí onígun mẹ́ta sì kúrò.

Ó ku kí ẹni tó bá tẹ `http` máa bọ́ sí `https` láìmọ̀. Certbot ti fi ìtọ́sọ́nà náà sínú Apache fúnra rẹ̀. Lórí cPanel, `Force HTTPS Redirect` tó wà ní abẹ́ `Domains` ló ń ṣe é. Mo máa ń yẹ̀ ẹ́ wò báyìí:

```
curl -I http://example.com
```

Ó yẹ kí ìdáhùn náà jẹ́ `301`, kí ìlà `Location` sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `https://`. Bí búráúsà bá ń kọ `ERR_TOO_MANY_REDIRECTS`, ohun méjì ló ń darí ènìyàn síra wọn. Mo ti rí i níbi tí ìkànnì wà lẹ́yìn Cloudflare, ilé-iṣẹ́ tó ń dúró láàárín àlejò àti sáfà, tí wọ́n sì yan `Flexible`. Cloudflare ń fi `http` bá sáfà sọ̀rọ̀, sáfà ń ní kó padà wá pẹ̀lú `https`, Cloudflare tún ń fi `http` padà wá. `Full (strict)` ló yẹ kí a yàn nígbà tí ìwé-ẹ̀rí bá ti wà lórí sáfà. `Flexible` yẹn kò dára lójú mi rárá, torí àlejò ń rí ààbò lójú, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ń rìn láìbò ní ìdajì ọ̀nà.

Mo pe Màmá pé ó ti parí. Wọ́n ṣí i lórí Chrome fóònù wọn, wọ́n ní, “Bọ̀dá, àgádágodo dà?” Òótọ́ ni, kò sí níbẹ̀. Láti oṣù Kẹsàn-án 2023, ní ẹ̀dà 117, ni Chrome ti fi àmì mìíràn rọ́pò rẹ̀, ìlà méjì tí róbótó kọ̀ọ̀kan wà lórí wọn. Ìdí tí wọ́n ṣe yí i ni ohun tí mo ti bá Màmá sọ ṣáájú: ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé àgádágodo túmọ̀ sí pé ẹni tó ni ìkànnì ṣeé fọkàn tán. Mo ní kí wọ́n tẹ àmì tuntun náà, `Connection is secure` sì yọ. Ó tẹ́ wọn lọ́rùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ní àgádágodo ni wọ́n fẹ́.

Ẹni tó bá gba ìwé-ẹ̀rí tí kò ronú nípa àtúnṣe rẹ̀ ti dáwọ́ lé ìjákulẹ̀, torí bí ọjọ́ bá kọjá, ojú ewé pupa ni gbogbo oníbàárà á máa rí. Certbot máa ń yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ fúnra rẹ̀, á sì tún un gbà nígbà tó bá ku nǹkan bí ọgbọ̀n ọjọ́. `sudo certbot renew --dry-run` ló ń fi hàn bóyá àtúnṣe náà á lọ. Ohun tó sábà ń dí i lọ́wọ́ ni ẹni tó bá ti pọ́ọ̀tì 80 pa lẹ́yìn tí `https` ti ń ṣiṣẹ́, tó rò pé iṣẹ́ rẹ̀ ti tán, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni Let's Encrypt ń gbà wọlé wá yẹ̀ ẹ́ wò. Ó tún máa ń ṣẹlẹ̀ pé ìwé-ẹ̀rí tuntun ti dé sórí díìsìkì, ṣùgbọ́n sáfà kò tíì kà á, èyí tó ti gbó ló ṣì ń fi hàn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń wò ó láti ìta:

```
openssl s_client -connect example.com:443 -servername example.com </dev/null | openssl x509 -noout -dates
```

Bí `notAfter` tó yọ níbí bá yàtọ̀ sí èyí tí `sudo certbot certificates` sọ lórí sáfà, ó ku kí a ní kí Apache tún ìwé rẹ̀ kà: `sudo systemctl reload apache2`. Tẹ́lẹ̀, Let's Encrypt máa ń kọ ímeèlì sí ni bí ọjọ́ bá ń sún mọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ti dáwọ́ rẹ̀ dúró ní oṣù Kẹfà ọdún 2025, nítorí náà mo ti jẹ́ kí kọ̀ǹpútà mi máa tẹ àṣẹ òkè yìí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kó sì máa kọ sí mi. Ẹni tó ṣì ń fi ọwọ́ ra ìwé-ẹ̀rí ọlọ́dọọdún náà á ní láti yí ọ̀nà padà, torí àwọn tó ń ṣe òfin ìwé-ẹ̀rí ti fọwọ́ sí i ní ọdún 2025 pé ọjọ́ orí rẹ̀ kò ní ju 200 ọjọ́ lọ láti oṣù Kẹta 2026, 100 ọjọ́ láti oṣù Kẹta 2027, àti 47 ọjọ́ láti oṣù Kẹta 2029.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, oníbàárà á ṣì máa pè pé ìkànnì kò dára, nígbà tó jẹ́ pé fóònù tirẹ̀ ló ní wàhálà. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni fóònù tí bátìrì rẹ̀ kú pátápátá, tí déètì rẹ̀ sì padà sẹ́yìn. Lójú irú fóònù bẹ́ẹ̀, ìwé-ẹ̀rí Màmá kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, Chrome á sì kọ `NET::ERR_CERT_DATE_INVALID` tàbí kó sọ pé aago fóònù ń rìn sẹ́yìn. Ìbéèrè àkọ́kọ́ mi báyìí ni pé, “Ẹ jọ̀ọ́, déètì wo ló wà lórí fóònù yín?”

Èkejì ni fóònù tó ti gbó. Android tó bá kéré sí 7.1.1 kò ní ìwé-ẹ̀rí gbòǹgbò Let's Encrypt, ISRG Root X1, nínú àkójọ àwọn tó gbà gbọ́. Ìbuwọ́lù ilé-iṣẹ́ mìíràn, èyí tó ń mú kí irú fóònù bẹ́ẹ̀ gbà á gbọ́, parí ní òpin oṣù Kẹsàn-án 2024. Kò pẹ́ sígbà náà ni ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà Màmá, ní Ìjẹ̀bú-Òde, pè pé Chrome fóònù òun kò gbà kí òun wọlé mọ́. Android 6 ló ń lò. Mo ní kó fi Firefox sórí rẹ̀, torí Firefox máa ń gbé àkójọ tirẹ̀ dání, kì í wo ti fóònù, ó sì ṣì ń ṣiṣẹ́ lórí Android 6 nígbà yẹn. Ó ṣe bẹ́ẹ̀, ìkànnì sì ṣí, ó sì ra ọ̀pá márùn-ún nínú aṣọ eléko.